Gbólóhùn Tí Rọ́fíàt Kò Lè Kọ

Ọdún kejìlélógún rèé tí Tíṣà Jemimah ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lítíréṣọ̀ l'Ọ̀wọ̀, ọ̀nà kan náà ló sì fi ń máàkì. Yóò fi páálí bo ìpínrọ̀ mọ́lẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Bí gbólóhùn náà bá sọ èrò kan tí ẹlòmíì lè jiyàn lé lórí, yóò ṣí páálí kúrò láti wá ẹ̀rí. Bí kò bá sọ èrò kankan, ó dá ìwé padà nìyẹn. Àwọn ọmọ ń ráhùn lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ wọ́n ń yege.

Rọ́fíàt nìkan ni páálí kò tíì ràn lọ́wọ́. Ọmọ Àkókó ni, abúlé Elégbèkà ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko. Ó fẹ́ ka Lọ́ọ̀ kó lè di lọ́yà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fìdí rẹmi nínú Lítíréṣọ̀. Bàbá rẹ̀ ti ní bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tún bọ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwé tí wọ́n ń kà dá lórí opó kan tó ta oko kòkó ọkọ rẹ̀. Ìbéèrè ni pé kí ló mú un tà á. Rọ́fíàt bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kan báyìí: “Ní orí kejì, opó náà lọ sí oko.” Òmíràn: “Lẹ́yìn èyí, ó pe ẹbí jọ.”

“Ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn pé kò lọ sí oko?” Jemimah bi í. “Ìtàn lò ń sọ fún mi, mo sì ti ka ìwé náà. Kí ni ìwọ ń wí?”

Ọmọ náà dáhùn pé: “Ẹ má bínú, mà. Àgbà ni ẹni tó ń máàkì. Wọn ò kọ́ mi pé kí n máa sọ fún àgbà pé báyìí lọ̀rọ̀ rí.”

Ìbínú Jemimah rọ̀ wọ̀ọ̀. Ilé àlùfáà Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ òun náà, ó mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń bá àgbà jiyàn.

“Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀,” ó ní. “Bí ẹ̀rí bá wà nílẹ̀, kì í ṣe àfojúdi. Lọ kọ ọ́ bí ẹni pé èmi gan-an lò ń bá jiyàn.”

Lọ́jọ́ kejì, ohun tó yọ lókè páálí ni: “Ìtìjú ló mú opó náà ta oko, kì í ṣe ebi.”

Pé ebi ló mú un tà á ni Jemimah ti ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ṣí páálí, ó ń wá àṣìṣe. Rọ́fíàt ní iṣu ṣì wà lábà lọ́jọ́ tó ta oko. Ó ní ọjọ́ tí àbúrò ọkọ pe opó náà ní alágbe lójú èrò gan-an ló wá ẹni tí yóò ra oko. Jemimah yẹ ojú ìwé náà wò. Iṣu wà lábà lóòótọ́. Ó dùn ún díẹ̀, kí n má purọ́, kí ayọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀.

“Ìwọ lo jàre,” ó ní.

Rọ́fíàt kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tíṣà má bínú. Jemimah fà á dìde, ó ní kó lọ kọ àwọn ìpínrọ̀ tó kù, kó má sì bẹ ẹnikẹ́ni nínú ohun tó bá kọ.