Ohùn Láti Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Ọwọ́ Hilaire Kòkúmọ́ dára lójú pátákó. Ohun tí Laurent Igbẹ́kọ̀yí kọ́kọ́ kọ nìyẹn, lọ́dún 1972, nínú kíláàsì kan lẹ́bàá Datcha, níbi tó jókòó sí lẹ́yìn àwọn ọmọ pẹ̀lú ìwé ìjábọ̀ lórí orúnkún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gun alùpùpù láti Atakpamé, kó lọ wo bí àwọn olùkọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ṣe ń kọ́ ọmọ. Kó kọ ohun tó dára. Kó kọ ohun tó kù. Ìbẹ̀wò méjì. Bí méjèèjì bá dára, ìjọba á gba ẹni náà síṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Hilaire, ẹni ọdún méjìlélógún. Ṣòkòtò tó ti gbó. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tó mọ́ tónítóní. Sùúrù tí kì í tán.

Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ní èdè Faransé, bí ilé ìwé ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n yọ méje kúrò nínú mẹ́tàlá. Adèle, ọmọbìnrin kan ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, dìde.

"Dísì," ló wí. Ẹ̀wá.

"Ó dáa gan-an," ni Hilaire wí. Ó kọ ẹ̀fà sójú pátákó. "Sísì."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Laurent kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, Laurent ní kí Hilaire sọ tirẹ̀ ná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó kọ́ni ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

"Mo rò pé mo yára jù níparí, ọ̀gá."

Laurent dìde lọ síwájú pátákó, ó kẹ̀yìn sí Hilaire. "Kí ló dé tó o fi gba ẹ̀wá lẹ́nu ọmọ yẹn?"

Kò sí èsì. Ó tún bi í. Kò sí èsì. Ó yíjú padà. Hilaire ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró, ojú rẹ̀ ń wá ẹnu ọ̀gá.

Laurent fi ìwé bo ẹnu. "Kí lorúkọ bàbá rẹ?"

Ẹ̀rín náà kúrò.

"Látìgbà wo?" ni Laurent bi í, ẹnu rẹ̀ ti hàn.

"Ibà kan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Etí òsì lọ. Tọ̀tún ń tẹ̀ lé e báyìí. Bí mo bá ń wo ẹnu èèyàn, kò síyọnu. Àmọ́ sísì àti dísì, ọ̀gá, ẹnu kan náà ni wọ́n ní. Àwọn Faransé ò rò tèmi mọ́ ọn."

"Dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńkọ́?"

"Èèyàn dáadáa ni. Ó ń wò mí lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀." Ó nàka sí ìwé ìjábọ̀ náà. "Ẹ kọ ọ́ pé mi ò fiyè sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé mo ya ọ̀lẹ. Èèyàn lè jáwọ́ nínú ọ̀lẹ."

Laurent kọ ìjábọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, ètò tó gún, sùúrù. Lẹ́yìn náà: *ó gba ìdáhùn tí kò tọ̀nà láti ẹ̀yìn. Kó máa rìn láàárín bẹ́ǹṣì. Kí gbogbo ọmọ máa kọ ìdáhùn sórí síléètì, kí wọ́n gbé e sókè nígbà tó bá fi rúlà lu tábìlì.* Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ etí níbẹ̀. Hilaire kà á, ó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Laurent padà wá pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀, Eugène, olùbẹ̀wò àgbà. Hilaire lu rúlà. Ogójì síléètì gòkè. Adèle kọ tirẹ̀ rẹ́gí.

"Ìwọ lo kọ́ ọ ní èyí?" ni Eugène rọra bi Laurent.

"Òun ló ṣe é, ọ̀gá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí wọ́n kàwé fún mi."

Síléètì kò wúlò fún ìwé kíkà. Adèle dìde, ó gbé ìwé bo ẹnu. Ó fo ìlà kan odindi. Hilaire ń mi orí. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀, ó dákẹ́. Hilaire ṣì ń mi orí. Kò sọ́mọ tó rẹ́rìn-ín. Adèle rí ojú rẹ̀, ó sọ ìwé náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ fi hàn. Eugène ti dìde.

Níta, ó ka ìjábọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"O mọ̀, Igbẹ́kọ̀yí."

"Mo kọ ohun tó ṣe."

"O ò kọ ohun tó ṣe é." Ó ká ìwé náà. "Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àyè akọ̀wé kan wà lọ́fíìsì mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé báyìí ni mò ń wá. Mo ti fún ẹlòmíràn."

Hilaire padà sí Akparé, sí oko òwú bàbá rẹ̀. Bí Laurent bá gba ibẹ̀ kọjá, kì í pè é láti ojú ọ̀nà. Ó máa ń gbé alùpùpù kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn yí oko po títí á fi dé iwájú rẹ̀, á dúró níbi tí oòrùn ti ń tàn sí ẹnu òun, kó tó kí i.

"Wọ́n ṣì ń lo síléètì?" ni Hilaire máa ń bèèrè.

"Wọ́n ṣì ń lò ó."

Á mi orí. Laurent kì í mọ̀ bóyá ó gbọ́.