Orúkọ Tí Kò Ní Nǹkan Lẹ́yìn

Tíṣà la máa ń pè é ní ọ́fíìsì wa, torí ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó wá bá wa máa kọ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Opó ni, ọmọ méjì sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ ní yunifásítì. Èmi tí mo jókòó tì í kì í ní sùúrù, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó ń lo ètò wa pè. Bí wọ́n bá ti forúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, ètò á dákú. Tíṣà ló kọ ojú ewé yẹn. Ọ̀gá ní, "Mà, oṣù tí a fi ń dán yín wò lẹ́nu iṣẹ́ parí lọ́la. Bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló ti bàjẹ́, ẹ máa lọ ni o."

Mo ní, "Ẹ sáà kọ ọ́ pé bó bá jẹ́ null, ìyẹn òfìfo, kó fò ó. Ó parí!"

"Àbúrò mi, bí òrùlé bá ń jò, ṣé abọ́ la ó máa gbé síbẹ̀ títí?"

Ó ṣí àkọsílẹ̀ àṣìṣe náà: NullPointerException, pẹ̀lú ìlà rẹpẹtẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó kà á látòkè títí ó fi kan ìlà àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa, ìlà kẹrìnlélọ́gọ́rin: faili.si().

"Faili yìí, orúkọ lásán ni. Kò sí fáìlì kankan lẹ́yìn rẹ̀. A ní kó ṣí. Kí ló fẹ́ ṣí? Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Níbo ló yẹ kí wọ́n ti fi fáìlì gidi sí i?"

Ó wá gbogbo ibi tí orúkọ náà wà. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń forúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀, àṣẹ tó ń dá fáìlì tuntun sì wà níbẹ̀: Faili faili = new Faili();

"Ẹ ò rí i! Ó kúkú wà níbẹ̀!" Mo ti fẹ́ gbaná jẹ.

Tíṣà fi ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Ẹni tó kọ èyí tún kọ irú ohun tó jẹ́, Faili, síwájú orúkọ rẹ̀. Java wá gbà pé faili mìíràn ni, ti inú ibí yìí nìkan. Tí ibí yìí bá parí, ó lọ nìyẹn. Faili tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ò gba nǹkan kan. Null ló wà látìbẹ̀rẹ̀."

Ó pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn rẹ́, ó tún un ṣe. Aláìsàn tuntun ṣí wẹ́rẹ́.

Èmi ni mo kọ ìlà yẹn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú ìkánjú. Bọ́tìnì kan wà tó ń fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Tíṣà wò ó, ó wò mí, kò tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wọlé. "Ó ti ń ṣiṣẹ́? Ta ló bà á jẹ́?"

Tíṣà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè, àmọ́ mo dìde.

"Èmi ni, sà. Ọwọ́ Mà kọ́ ló ti bàjẹ́, àwọn ni wọ́n rí i."

Ọ̀gá ní, "Mà, ẹ wá fọwọ́ síwèé ìgbanisíṣẹ́ yín lọ́la. Ìwọ, láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fi ìlà kan ránṣẹ́ láìjẹ́ pé Mà ti kà á."

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí, tọkàntọkàn.