Àwọn Iṣẹ́ Tó Ń Sinmi Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Roheemat

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ Alhaja Suwebat ní Kétu lọ́dún 2006, àga kan wà níbẹ̀ tí àlejò kì í lè jókòó sí kí ara rọ̀ ọ́. Roheemat, ọmọ Alhaja, ti jókòó sí i títí àga náà fi mú ìrísí ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ńṣe ni yóò máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà.

Iṣẹ́ ni Roheemat ń jókòó wá. Báǹkì tó ti ń ṣe akáǹtì ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn tó jù ú lọ, bí odò kékeré ti í ya wọ inú odò ńlá, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ni omi kọ́kọ́ gbá sí etí bèbè. Wọ́n fún un ní lẹ́tà, wọ́n ní ó kú iṣẹ́, ó sì di ilé.

Alhaja kò bínú sí i. Àlùbọ́sà ni Alhaja ń tà ní ọjà Mile 12. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá ti Òkè Ọya dé tí wọ́n ń já àpò sílẹ̀, wọ́n ní ó lè fi imú mọ àpò tó ti ń rà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, ó sì sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Roheemat, bí Iléyá ìparí ọdún bá bá ọ nílé, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gba ẹni méjì."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Roheemat kò fojú kéré àlùbọ́sà o. Àlùbọ́sà ló rán an nílé ìwé. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn kí ìṣirò apá ọ̀tún bá ti apá òsì dọ́gba nírọ̀lẹ́, ó máa ń dùn mọ́ ọn bí ẹni jẹ ẹran tán tó tún rí egungun fà. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi ìdí lé àpò àlùbọ́sà ní ọjọ́ kan péré, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé òun dìde mọ́ láyé.

Nítorí náà, ó ń kọ̀wé. Bí ẹni ń da yanrìn sójú afẹ́fẹ́ ló ṣe ń fọ́n CV káàkiri. Ibi tí wọ́n ti ń wá akáǹtì, ó kọ̀wé. Ibi tí wọ́n ti ń wá olùkọ́ Faransé, ó kọ̀wé, òun tó jẹ́ pé "bonjour" nìkan ló mọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tó ti ń kọ̀wé lọ síbi tí wọ́n ti ń wá dírẹ́bà kó tó rántí pé òun kò mọ ọkọ̀ wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin kan ni.

"Ṣé Miss Shittu nìyẹn? Ẹ kọ̀wé sí wa. A fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀."

Roheemat dìde dúró. "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé iṣẹ́ wo nìyí?"

"Ẹ kò mọ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí?"

"Ó pọ̀ tí mo kọ ọ́ sí ni, sà."

"Ó dáa. A óò pè yín padà."

Títí di òní olónìí, kò pè.

Roheemat gba ọ̀dọ̀ Catherine, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ ní Gbàgádà. Ọjọ́ kan náà ni báǹkì ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé. Nígbà tí Catherine gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Rohi, ìwọ tí o máa ń dá gbogbo wa dúró ní ọ́fíìsì torí kọ́bọ̀ kan tí kò bá ìṣirò mu. Ìwọ náà lo wá fi ara rẹ ránṣẹ́ síbi tí o kò mọ̀."

"Má fi mí ṣẹ̀sín jọ̀ọ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ṣe ìwé ara rẹ bí o ti ń ṣe ìwé báǹkì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Bó ti délé, ó ra páálí funfun ńlá kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tó kọ̀wé, ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́, ipò tí wọ́n ń wá, ibi tó ti gbọ́ nípa rẹ̀, ẹni tó yẹ kó béèrè níbẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọ irú CV tó fi ránṣẹ́, nítorí ó ti pín in sí méjì báyìí: ọ̀kan fún iṣẹ́ akáǹtì, ọ̀kan fún àbójútó ọjà inú sítóò. Ó kọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ó wá fi àyè sílẹ̀ ní ìparí fún ohun tó kàn láti ṣe àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Àyè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí pé ibẹ̀ ni páálí ti ń sọ fún un pé, "Ìwọ Roheemat, dìde."

Ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú wá ní ètò. Ọjọ́ Ajé, yóò dúró níwájú páálí bí ọ̀gá ọmọ ogun, yóò wo ẹni tó yẹ kó rán létí. Bí ẹnì kan bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó di kó kọ̀wé ránpẹ́ sí i. Bó bá tún dákẹ́, ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù, kó má baà di ìyọnu sí wọn lọ́rùn. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ìpolówó iṣẹ́ ń pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, nítorí náà lọ́jọ́ méjèèjì yìí, ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn lójú títì ló ń wà ní kùtùkùtù. Ọjọ́rú, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń tún CV ṣe kó bá ohun tí oníkálukú ń wá mu, ó wá lọ fi ránṣẹ́ ní kàfé ní Ìkòsì. Márùn-ún tó dáa ló pọ̀ jù lọ́sẹ̀ kan. Àárọ̀ Jímọ̀ jẹ́ ti àbẹ̀wò sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tó lè gbọ́ pé àyè ṣí síbì kan. Sátidé, yóò máa fi ìdánwò ìṣirò dán ara rẹ̀ wò. Sọ́ńdè, kò gbọdọ̀ wo páálí rárá. Wọ́n ní aṣọ ló fi ń bò ó lọ́jọ́ náà, bí ẹni bo ẹyẹ mọ́ inú àgò kó má baà ké.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti Alhaja nìyí. Ó wọ yàrá lọ́jọ́ kan láti mú ìgbálẹ̀, ó rí páálí, ó ní kí Roheemat ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun.

"Èyí, 'Wọ́n kọ̀.' Èyí, 'Kò sí èsì.' Èyí náà, 'Wọ́n kọ̀.' Èyí…"

"Ó tó." Alhaja gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ gbogbo ìyẹn sára ilẹ̀kùn, tí o wá ń sùn síwájú rẹ̀?"

"Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni, Mọ́mì."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé ọjà ò tà?"

Lóòótọ́, kò gbọ́ ọ rí. Bí àpò àlùbọ́sà bá wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí ó fi hu ewé, tí ewé náà sì fẹ́ yọ ojú síta láti wo ẹni tó ń kọjá, ohun tí Alhaja máa ń sọ ni pé, "Ọjà ń sinmi."

"Kọ ọ́ pé wọ́n ń sinmi," ni Alhaja wí.

Roheemat rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí àlàáfíà wà, ó sì mú gègé. Gbogbo "Wọ́n kọ̀" àti gbogbo "Kò sí èsì," ó fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ kùn wọ́n, ó kọ "Ń sinmi" lé wọn lórí. Àṣìṣe tí akáǹtì kò gbọdọ̀ ṣe nìyẹn: ó da gbèsè tó ti kú pọ̀ mọ́ gbèsè tó ṣì lè wọlé. Ṣùgbọ́n ojú Alhaja rọ̀, wọ́n sì jọ jẹun.

Oṣù ń gorí oṣù. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Roheemat máa ń wo páálí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun tó sì rí nínú oṣù Kẹsàn-án ni pé ọ̀pọ̀ ìdánwò iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí, ẹnu ènìyàn ló ti gbọ́ nípa wọn, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn. Ó fi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kún àbẹ̀wò. Wọ́n pè é síbì kan, wọ́n mú ẹlòmíràn. Wọ́n pè é síbì kejì, owó oṣù wọn kò tó wọkọ̀. Páálí kún, ó lẹ òmíràn mọ́ ọn.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so àgbò mọ́lẹ̀ ní àdúgbò. Alhaja ra àpótí ìjókòó tuntun, ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Roheemat rí i.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dúró síwájú páálí, ó ka àwọn tó ń sinmi, ó sì bá ilé iṣẹ́ kan pàdé ní Ogudu, àwọn tó ń kó oògùn fún àwọn kẹ́mísìtì. Kò rí i pé òun ti pè wọ́n rí. Ó ra káàdì, ó pè, ó béèrè Ìyáàfin Adédiwúrà tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Roheemat Shittu ni. Mo kọ̀wé sí yín fún ipò akáǹtì nínú oṣù Kẹfà. Mo ní kí n béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé."

"Shittu." Ìwé ń dún lọ́hùn-ún. "Ṣé a kò ti kọ̀wé sí yín nínú oṣù Keje pé a ti mú ẹlòmíràn?"

Roheemat rí i nígbà náà. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, bó bá fi ojú sí i dáadáa, "Wọ́n kọ̀" ṣì ń yọjú bí ọmọ tó sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títa.

"Ẹ má bínú mà. Mo da ìwé mi rú ni."

"Ẹ dúró ná." Ìwé tún dún lọ́hùn-ún. "Ẹni tí a mú nígbà náà ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá lópin oṣù yìí. A kò tíì polówó ipò náà. Kí lẹ tún sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Roheemat kò béèrè ilé iṣẹ́ wo. Ó wo páálí. CV akáǹtì ló fi ránṣẹ́ sí wọn. Àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà ló sì fi ṣáájú nínú lẹ́tà, torí ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń kó oògùn fún ènìyàn láwìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó kọ lánàá.

"Ẹ wá ṣe ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀," ni Ìyáàfin Adédiwúrà wí.

Ó ṣe ìdánwò. Ó dé iwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn. Lẹ́tà dé kí Iléyá tó dé pé wọ́n gbà á síṣẹ́: oṣù mẹ́ta ìdánwò ná, kí wọ́n tó fi í múlẹ̀. Roheemat kà á fún Alhaja nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn àpò, ó sì sọ bí ìpè náà ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Alhaja gbọ́ ọ tán. Ó ń bó èèpo gbígbẹ kúrò lára àlùbọ́sà.

"Wọ́n kọ̀ ọ́, àbí wọ́n ń sinmi?"

"Wọ́n ń sinmi, Mọ́mì."

"Ehẹn."

Roheemat bojú wo ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. "Àpótí tuntun yìí wá ńkọ́?"

Alhaja gbé àwo oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lé orí àpótí náà.

"Òun náà ń sinmi," ló wí.