Ohun Tí Sàlámátù Ń Dúró Dè

Ìyá ọkọ Sàlámátù ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ padà sí yàrá ọkọ títí á fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ṣùgbọ́n kò tíì rí nǹkan oṣù látìgbà tó ti bímọ, ló bá gbà pé oyún ò lè dé, ó sì padà sí yàrá ọkọ rẹ̀. Ọmọ ti ń mu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, Sàlámátù sì ń fi í sílẹ̀ nílé wọn ní àdúgbò Kofar Marke lọ tajà látàárọ̀ dalẹ́.

Ìyá Rábì, agbẹ̀bí, fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. “Oyún ni. Ọmú tí ọmọ ń mu tọ̀sántòru ló ń dá nǹkan oṣù dúró. Nígbà tí mímu dín kù, oyún lè ṣáájú ẹ̀jẹ̀ dé.”

Sàlámátù fa aṣọ bo ikùn rẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ náà ni mo ń dúró dè, kí n tó máa ṣọ́ra.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. “Sàlámátù, ṣé ara le?”