Aró Lára Ànkárá Ẹlẹ́yẹ

Bí ẹ bá sọ fún Rodiat pé ó ń jowú, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbádùn, pé owú jíjẹ kò sí nínú ìdílé àwọn. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí Gàfárù ọkọ rẹ̀ ti gbé Ameenat wọlé ní Ìsọlọ̀, kò sí ohun tí ìyàwó kékeré náà ṣe tí kì í dun Rodiat. Bí Ameenat rẹ́rìn-ín, ó dùn ún. Bí ó dákẹ́, ó dùn ún. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé Òrìṣà jẹ́ n pé méjì kò dénú obìnrin. Ti Rodiat ò tilẹ̀ kọjá ètè.

Ànkárá ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà Iléyá, Gàfárù ra ẹyọ kan, ó pín in sí méjì fún àwọn ìyàwó rẹ̀ kí ìjà má bàa wà. Ilẹ̀ aṣọ náà funfun, òdòdó yẹ́lò kún inú rẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n fi ìlà búlúù tín-ín-rín yà sì ń fò láàárín òdòdó, débi pé kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Télọ̀ kan náà ló rán méjèèjì ní gáùn. Rodiat tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì ló pèsè òwú funfun tí wọ́n fi rán an. Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo ará ilé ló ń kí Ameenat: "Áà, aṣọ yìí yẹ ọ́ o!" Nígbà tó kan Rodiat, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́, Ìyá Zakariyah." Ẹ̀yin náà! Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó gbádùn ẹran Iléyá.

Nígbà tí wólímọ̀ Zakariyah, àkọ́bí rẹ̀, wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Gàfárù ní aṣọ òun ni kí àwọn méjèèjì wọ̀. Rodiat rò ó títí. Ṣé lọ́jọ́ tí ọmọ òun parí Kùránì náà ni wọ́n tún máa fi òun wé ọmọ kékeré yìí? Kò lè sọ pé òun ò wọ̀ ọ́. Ó pinnu pé òun á pa á láró. Àwọ̀ rẹ̀ ni kó yí, kí ẹyẹ àti òdòdó rẹ̀ ṣì hàn kedere, kí Gàfárù lè mọ̀ pé aṣọ òun ni. Bí àwòrán inú rẹ̀ bá parẹ́, ọkọ rẹ̀ yóò ní owú ló jẹ́ kó ba ẹ̀bùn òun jẹ́, kò sì ní parọ́.

Ó gbé gáùn náà lọ sí Òkè-Àfà, sọ́dọ̀ Sẹ̀kínátù aláró, ọmọ Òṣogbo, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Táíyé.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di dúdú, Ìyá Táíyé."

"Dúdú kẹ̀? Aró kì í pa ohun tó bá lára aṣọ rẹ́, orí ẹ̀ ló ń gùn. Bí mo bá kì í sínú dúdú, dúdú á gbé ẹyẹ mì, á gbé òdòdó mì. Àwọ̀ wáìnì ni kó o ṣe, kó má sì ki. Ibi tó funfun á di wáìnì, yẹ́lò á pọ́n rúsúrúsú, ìlà búlúù tó ti ṣú tẹ́lẹ̀ á dúró síbi tó wà."

Rodiat na ọwọ́ sí ike ńlá tí wọ́n fi ń pa àdìrẹ. "Ṣé ẹ ò kúkú ní tì í bọ ibẹ̀ yẹn, kó tètè parí?"

"Ìwọ náà fẹ́ kí n jìyà. Háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀, wà nínú ìyẹn. Lára aṣọ funfun lásán, ó dára. Tó bá kan ànkárá, aró tí wọ́n fi ya òdòdó gan-an ló máa tú. Mú àgékù aṣọ yìí wá kí n dán an wò níṣojú ẹ. Láìsí àgékù, n ò fọwọ́ kàn án."

Ameenat ni télọ̀ kó àgékù fún! Rodiat fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gáùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n owú ti tì í dé ibi tí kò ti lè yíjú padà, ló bá lọ bá ìyàwó kékeré àti Mísbáù ọmọ rẹ̀ nínú yàrá wọn.

"Ìyá Mísbáù, mo fẹ́ díẹ̀ nínú àgékù ànkárá wa. Mo fẹ́ fi wá bọ́tìnnì tó bá a mu."

Ameenat kúnlẹ̀. "Ó di àárọ̀, Ìyáálé mi." Ní àárọ̀, ó mú ègé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, gígùn rẹ̀ tó apá. Rodiat gbà á láìwo ojú rẹ̀. Kódà, bó ṣe mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ ń bí i nínú.

Sẹ̀kínátù gé ègé náà sí méjì. Èyí tó bọ ike àdìrẹ jáde láìní òdòdó, ojú kò dá ẹyẹ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Èyí tó bọ inú wáìnì oníyọ̀ ṣì ní gbogbo ẹyẹ rẹ̀ lára, títí dé èékánná ẹsẹ̀ wọn. Rodiat mí kanlẹ̀.

Aláró wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gáùn náà títí táàṣì tó mú un le fi lọ. Ó sẹ́ omi aró kí kóró rẹ̀ má bàa tò sára aṣọ, ó da iyọ̀ sí i, ó ki aṣọ tútù bọ̀ ọ́, ó sì ń fi igi yí i láìdúró. Ó dúró kó ṣú díẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ kó tó yọ ọ́, torí aṣọ tútù máa ń ṣú ju gbígbẹ lọ. Nígbà tó ṣàn án tán tó sì gbẹ lábẹ́ ibòji, òdòdó pọ́n bí epo, ẹyẹ dúró digbí. Òwú ìránṣọ nìkan ló ṣì funfun.

"Rọ́bà lòwú tó o fún télọ̀, kò sì mu irú aró yìí," Sẹ̀kínátù ní. "Olóòwú, o ò mọ̀?"

Rodiat bú sẹ́rìn-ín. Ìlà funfun yẹn tilẹ̀ dà bí ọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ wólímọ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kí. "Níbo lẹ ti rí irú èyí, Ìyá Zakariyah?" Inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó yíjú wá Ameenat kó lè gbádùn ara rẹ̀ dáadáa.

Ameenat tẹ̀ ba láti gbé agolo omi. Ojú Rodiat olóòwú bọ́ sí etí gáùn Ameenat. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, òwú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ju funfun lọ, kì í ṣe òwú tí òun fún télọ̀. Gáùn tó ń bo ọrùn ẹsẹ̀ nígbà Iléyá ti ga sókè. Rodiat fà á lọ sẹ́yìn ilé.

"Àgékù tí télọ̀ fún ọ ńkọ́?"

"Mo ti fi bo tìmùtìmù Mísbáù tipẹ́."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi, tí o fi gé aṣọ tìẹ?"

Ameenat wo ilẹ̀. "Ẹ ò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí, Ìyáálé mi. Ọjọ́ yẹn ni àkọ́kọ́."

Gàfárù dé ẹ̀yìn ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mísbáù, kí ló gé aṣọ tìẹ kúrú báyìí? Wo bí ìyáálé rẹ ṣe tọ́jú tiẹ̀. Aṣọ mi náà nìyẹn, ẹyẹ ẹ̀ ló sì wà lára ẹ̀ yẹn!"

Ohun tí Rodiat ti ń retí láti ọjọ́ Iléyá nìyí o, ọkọ ti sọ ọ́ níṣojú orogún. Ká ní Ameenat ṣàlàyé ni, Rodiat ì bá rí ohun bínú sí. Owú náà ò kúrò níbẹ̀ o, ìwà Ameenat tí òun kò ní rárá ló wá ń jowú báyìí.

"Èmi ni mo gé e," Rodiat ní.

Gàfárù rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń dápàárá.