Ọmọ Mẹ́fà Tí Mo Gé Ku Márùn-ún

Ọwọ́ mi yá nídìí fídíò gígé, mo sì máa ń fi í yangàn. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ wákàtí méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Poli ní Ọ̀fà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó já gaara ni màá gbé lé e lọ́wọ́.

Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Àkọ́bí rẹ̀ ní kí n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Alhaji, bàbá náà, sọ̀rọ̀, ó sọ àsọtúnsọ. "Ẹ̀n" àti "ṣé o rí i" kún inú rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì. Mo ń wo ìlà ohùn lórí kọ̀ǹpútà, mo ń gé gbogbo wọn dànù. Ibi tí gígé náà bá ti hàn lójú, mo fi fọ́tò àtijọ́ bò ó. Ìdáhùn tó bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ṣe kedere jù ni mò ń mú.

Mo ti bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Ó ní márùn-ún, ó dárúkọ wọn geere. Nígbà tó yá, láìjẹ́ pé mo béèrè, ó tún padà síbẹ̀. Ó dárúkọ márùn-ún, ó ní "ẹ̀n…", ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ọmọ mi tó wà ní Ilemona náà ń kọ́? Mẹ́fà ni wọ́n." Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú. Mo yọ ìkejì, mo fi àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi fídíò ránṣẹ́ tán, mo pa gbogbo èyí tó kù rẹ́, torí mo ní ìgbéyàwó tí mo fẹ́ yà lọ́jọ́ Sátidé, àyè orí kọ̀ǹpútà ò sì tó.

Bàbá kú kí ọjọ́ ìbí náà tó pé. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti fi fídíò náà hàn.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun ni ọmọ Alhaji tó wà ní Ilemona, pé òun fẹ́ ẹni tí bàbá òun ní kí òun má fẹ́, láti ìgbà náà ni bàbá ò ti bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ṣé Daddy ò mẹ́nu kàn mí rárá? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

"Wọ́n mẹ́nu kàn yín, Mummy. Wọ́n ní mẹ́fà ni yín."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń wá a. Nígbà tó yá, mo jẹ́wọ́ pé mo ti pa á rẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Títí dòní ló ń dùn mí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí Bàbá ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan "ẹ̀n" àti ìdákẹ́jẹ́ tí mo gé dànù.

Ó gbọ́ mi tán. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Mo mọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ tù mí nínú ni."