Àgbàdo Mẹ́rin Ọ̀gá Ilé-ìwé Wa

Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bàọ́lọ́jì l'Ádó-Èkìtì, mo ya àpótí mẹ́rin sínú iṣẹ́ kíláàsì: bí a bá pa àgbàdo Tt méjì pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní T gíga àti t kúkúrú nínú, a ń retí gíga mẹ́ta sí kúkúrú kan. Ọ̀gá ilé-ìwé wa gbin mẹ́rin nínú ọmọ wọn de alábẹ̀wò tó ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wò. Gbogbo wọn ga. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí pé hóró kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, kì í wo ti èkejì, torí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ga. Ọ̀gá fa àdá yọ, ó gé ọ̀kan kúrú. Nígbà tí alábẹ̀wò dé, ó yìn ín, ó ní òun á padà wá wo ti àpótí mẹ́rìndínlógún, tó ń wo gíga pẹ̀lú àwọ̀ hóró pọ̀, tí ìpín rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta, mẹ́ta, ọ̀kan. Ọ̀gá bi mí bóyá ọ̀dà ṣì kù nílé ìkẹ́rùsí.